Ṣé “ì bá” lè jẹ́ méjì nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Wàǹdó níbí ní Àjàṣẹ́ ni mo ti ń ta aṣọ. Oníbàárà mi kan, ará Íbò tó ń gbé ní Ìdí-Ìrókò, ṣe ìkómọ, n kò gbọ́ títí ó fi kọjá. Mo wá kọ̀wé sí i: “If I would have known, I would have come. If you would have called me, I'd have closed my shop. I wish I would have seen the baby.” Ọmọ mi tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kò tọ̀nà. Ọkọ àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́ níbẹ̀. Ǹ bá mọ̀, ǹ bá wá, ṣebí ohun kan náà ni? Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ti ọmọ rẹ ni kí o gbọ́, bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ̀wé lo ń bèèrè. Èyí tó bá òfin mu ni “If I had known, I would have come.” Lẹ́yìn “if”, “had” ló yẹ kó wà. Apá kejì gbólóhùn náà nìkan ló ni “would have”.

Síbẹ̀, ọkọ àbúrò rẹ kò purọ́. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà ló ń sọ “If I would have known” lẹ́nu, tó fi mọ́ àwọn tó kàwé dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Àwọn ìwé tó ń tọ́ni sọ́nà lórí Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á nínú lẹ́tà tó lọ́wọ̀, olùkọ́ tó bá sì rí i nínú ìwé ìdánwò yóò fa ìlà pupa sí i. Ẹni tó bá ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ lè sọ ọ́ kó sì lọ ní àlàáfíà. Ẹni tó bá ń kọ̀wé sí oníbàárà tàbí sí ọ́fíìsì, kó yẹra fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi ni ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn, nítorí Yorùbá tó wà lẹ́nu rẹ ló ti ọ dé ibẹ̀. Wo “Ǹ bá mọ̀, ǹ bá wá” dáadáa. “Ì bá” wà níwájú, ó tún wà lẹ́yìn, àwa kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé o ṣàkíyèsí pé kò sí “bí” níbẹ̀? Kò sí “ká ní” náà. “Ì bá” fúnra rẹ̀ ló ṣí gbólóhùn náà, òun ló sì ń sọ fún ẹni tó ń gbọ́ pé nǹkan náà kò ṣẹlẹ̀ mọ́, ó ti bọ́. Bí mo bá fẹ́ sọ nǹkan tó ṣì lè ṣẹlẹ̀, n kò ní lo “ì bá” rárá. “Bí mo bá mọ̀, màá wá” ni màá sọ, èyí sì fi hàn pé ọjọ́ ìkómọ náà kò tíì kọjá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwa náà ń gbà sọ ọ́: “Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá wá.” Wò ó bó ṣe rí. “Ká ní” ti ṣílẹ̀kùn, “ì bá” kò sì jáde mọ́ títí ó fi di apá kejì. Bí ẹnìkan bá wí fún mi pé “Ká ní ǹ bá mọ̀, ǹ bá wá,” yóò yé mi, ṣùgbọ́n yóò rí bákan létí mi. Ọ̀nà “ká ní” yìí gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì tó bófin mu ń tọ̀. “If” pẹ̀lú “had” ń ṣe iṣẹ́ “ká ní”, “would have” ń ṣe iṣẹ́ “ì bá” tó wà lẹ́yìn. Nítorí náà, nígbà tí o bá fẹ́ kọ irú gbólóhùn yìí ní Gẹ̀ẹ́sì, má fi “ǹ bá mọ̀” ro ó nínú. Fi “ká ní mo mọ̀ ni” ro ó, “would” kò sì ní rí àyè wọlé síwájú.

Faransé tí ọmọ rẹ ń kọ́ kò yàtọ̀ síyẹn. “Si j'avais su, je serais venu” ni wọn ń kọ́ wọn. Gbólóhùn ìrántí kan wà tí àwọn olùkọ́ Faransé fẹ́ràn láti máa sọ: “Les si n'aiment pas les -rais,” ìyẹn ni pé “si” kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó parí sí “-rais” jókòó ti òun. Ó jọ pé ibẹ̀ ni ọmọ rẹ ti mú un tó fi mọ̀ pé ti Gẹ̀ẹ́sì náà kò tọ̀nà. Àmọ́ àwọn Faransé pàápàá, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ fàlàlà láàárín ara wọn, a máa sọ “J'aurais su, je serais venu.” Irú ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà wà lápá méjèèjì, “si” sì ti pòórá. “Ǹ bá mọ̀, ǹ bá wá” wa nìyẹn pátápátá! “Si” àti “-rais” kì í pàdé ní apá kan náà, bẹ́ẹ̀ ni “ká ní” àti “ì bá” kì í sábà pàdé.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sọ pé ẹni tó lo “would” lẹ́ẹ̀mejì kò ní làákàyè. Nínú èdè Jámánì tó bófin mu, irú ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló máa ń wà lápá méjèèjì, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó dúró fún “bí” ṣì wà níwájú. Bí èdè kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ́ ẹ ló rí. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ kò fẹ́ ẹ, ìyẹn náà ló parí rẹ̀.

Kí ló wá dé tí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rí ní Amẹ́ríkà fi ń sọ ọ́? Ó jọ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ wá láti inú “'d” tí ìwọ náà lò nínú “I'd have closed my shop.” Ìgékúrú kan ṣoṣo yìí ló dúró fún “had”, òun náà ló dúró fún “would”. Nínú “If I'd known, I'd have come,” ti àkọ́kọ́ jẹ́ “had”, ti ìkejì jẹ́ “would”. Etí kò lè dá wọn mọ̀. Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ tú wọn sílẹ̀, ó rọrùn láti fi “would” dí àyè méjèèjì.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé kí a wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé “'d” náà. Bó bá jẹ́ “known”, “seen” tàbí “called”, “had” ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ “know”, “see”, “call” tàbí “have”, “would” ni. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi “come”, “put” àti “cut” ló máa ń tanni, nítorí bí wọ́n ṣe rí lẹ́yìn “would” náà ni wọ́n ṣe rí lẹ́yìn “had”: “If I'd come” kò fi ohunkóhun hàn ọ́. Níbẹ̀, ìtumọ̀ gbólóhùn ni kí o bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ohun tó ti bọ́, “had” ni kó o kà á sí.

Ibì kan wà tí “would” ti lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ̀ lé “if”, òun ló sì mú kí n bẹ̀rù gbólóhùn rẹ kejì ju àkọ́kọ́ lọ. “Would” lè túmọ̀ sí pé ènìyàn fẹ́ tàbí pé ó gbà. Ní Wàǹdó, o lè wí fún oníbàárà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pé “If you would wait a little, I will bring your change.” Kò sí àbùkù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni: bí ẹ bá lè gbà láti dúró díẹ̀. Nítorí náà, fi “gbà láti” dán gbólóhùn wò kí o tó pè é ní àṣìṣe. “Ká ní mo gbà láti mọ̀ ni”? Kò mọ́gbọ́n wá, torí ènìyàn kì í gbà tàbí kọ̀ láti mọ ohun tí ẹnìkan kò sọ fún un. Ìdí nìyẹn tí “If I would have known” kò fi rí agbẹjọ́rò.

Ṣùgbọ́n fi í dán “If you would have called me” wò. “Ká ní o gbà láti pè mí ni.” Ó lọ geere! Ewu rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè rí i bíi pé ò ń fẹ̀sùn kàn án pé ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti pè ọ́, sí abiyamọ tuntun, oníbàárà rẹ pàápàá. “If you had called me” kò ní oró yẹn nínú, ó kàn sọ pé ìpè kò wáyé. Tèmi ni pé kí o má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ síbẹ̀ rárá. “If I had heard” ni kí o kọ, kí ẹ̀bi náà má bàa dúró sórí ẹnikẹ́ni.

Gbólóhùn kẹta kò pẹ́ tú. Lẹ́yìn “I wish”, tó bá jẹ́ ohun tó ti kọjá, “had” náà ni: “I wish I had seen the baby.”

Bó bá wù ọ́ kó lọ́wọ̀ díẹ̀ sí i, o lè yọ “if” kúrò kí o gbé “had” síwájú: “Had I known, I would have come.” Oníbàárà rẹ yóò mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ní Nàìjíríà “had I known” ti di orúkọ tí wọ́n ń pe àbámọ̀. Kí o ṣáà má kọ “If had I known”, nítorí ọ̀kan ló ń lé èkejì kúrò. Má sì rò pé gbogbo gbólóhùn tí apá rẹ̀ méjì kò dọ́gba ló ní àṣìṣe. “If I had known, I would be with you now” tọ̀nà, nítorí àìmọ̀ jẹ́ ti àná, àìsí níbẹ̀ sì jẹ́ ti ìsinsìnyí.

Bí èmi yóò ṣe kọ tìrẹ nìyí: “If I had known, I would have come. If I had heard in time, I would have closed my shop. I wish I had seen the baby.” Rí i dájú pé “would have come” lo kọ, kì í ṣe “would have came”, nítorí “have” kì í gba “came”.

Bó bá jẹ́ pé o ti fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́, má tún kọ òmíràn nítorí gírámà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ìkẹta yóò yé e láìsí wàhálà. Ti ìkejì nìkan ni mo máa tún ṣe bó bá jẹ́ èmi: pè é lórí fóònù, kí o sọ fún un pé ìròyìn ni kò tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí o sì bèèrè ọjọ́ tí o lè gbé aṣọ ọmọ náà wá sí Ìdí-Ìrókò.