Ọ̀kan ní agbára àìlópin: ẹ bi owó sogúndogójì léèrè

Ìbéèrè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, olùkọ́ wa ní 1^∞ kò lè ju 1 lọ, torí ọ̀kan lọ́nà ọ̀kan, ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé ní ìdáhùn (1 + 1/n)^n, bí n ti ń lọ sí àìlópin, ni e. Èwo ni ká gbà, kí ló sì kan lọ́gù níbẹ̀?”

Ẹ̀yìn ìwé ni kí ẹ gbà. Ó sì ń dùn mí pé ẹnu olùkọ́ ni irú àlàyé yìí ti ń jáde, torí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tí mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀kan tí ẹ kọ síbẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀kan. Ohun tó ń rìn lọ bá ọ̀kan ni. Bó bá jẹ́ 1 gan-an ló wà nínú àkámọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, òótọ́ ni olùkọ́ yín sọ: ẹ gbé e sí agbára mílíọ̀nù kan, 1 ni yóò máa jẹ́. Ṣùgbọ́n inú àkámọ́ (1 + 1/n) kò fìgbà kankan jẹ́ 1. Ó máa ń ku díẹ̀ lórí rẹ̀, díẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń ṣiṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò mọ ohun tó ń jẹ́ sogúndogójì mọ́, ẹ̀ bá ti rí ìdáhùn náà fúnra yín. Owó èlé tó ń sọ ogún di ogójì ni: ẹ yá ogún, ọdún yípo, ẹ san ogójì. Ìyá ìyá mi yá irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ olówó èlé kan, inú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọ̀kẹ́ kan náírà ló yá, ìyẹn ₦20,000. Ọ̀kẹ́ méjì ló rò pé òun máa san lópin ọdún. Àmọ́ ọkùnrin náà ò dúró dìgbà tí ọdún máa pé. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń ṣírò èlé, ìdá mẹ́rin èlé ọdún lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń da èlé pọ̀ mọ́ ojú owó. Lóṣù kẹta, gbèsè di ₦25,000. Lóṣù kẹfà, ₦31,250. Lóṣù kẹsàn-án, ó ti di ₦39,062.50. Ọdún kò tíì pé, ọ̀kẹ́ méjì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Nígbà tí ọdún pé, ₦48,828 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ló bá nílẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa: 20,000 lọ́nà (1 + 1/4)^4 ni. Bó bá jẹ́ oṣooṣù ló ń ṣírò, (1 + 1/12)^12 ló máa jẹ́, gbèsè á di ₦52,261. Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́, ₦54,291. Èlé ẹ̀ẹ̀kan ń kéré sí i, iye ìgbà tí wọ́n ń gbà á ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ní díẹ̀ ò tó nǹkan á ní kò sí èlé kankan, ẹni tó bá ń wo iye ìgbà á ní gbèsè ò ní dúró. Àwọn méjèèjì kò rí i tán. Bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣírò rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú, kò ní kọjá ₦54,365.64, torí e, tí í ṣe 2.71828 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni òpin ohun tí 20,000 lè di ìlọ́po rẹ̀. Jacob Bernoulli, ọmọ ìlú Basel, ló bá ìbéèrè owó èlé yìí wọ̀jà lọ́dún 1683, ó sì rí i pé àárín 2 àti 3 ni ìdáhùn wà. Èlé tó ń sọ ogún di ogójì náà ló fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́gù wá ńkọ́? Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń sọ agbára di ìsọdipúpọ̀. Ẹ pe inú àkámọ́ ní f, ẹ pe agbára ní g, kí y jẹ́ f^g. Nígbà náà ln y = g × ln f. Bí f ti ń lọ bá 1, ln f ń lọ bá 0, g sì ń lọ sí àìlópin. Ìjà náà ò tíì parí, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sí gbangba, torí ln ohun tó fi díẹ̀ ju 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ díẹ̀ yẹn gan-an: ln 1.01 jẹ́ 0.00995, ln 1.001 jẹ́ 0.0009995. Nítorí náà g × (f − 1) ni kí ẹ wá òpin rẹ̀, kí ẹ wá gbé èyí tí ẹ bá rí sórí e. Fún (1 + 1/n)^n, n × 1/n jẹ́ 1, e^1 ni ìdáhùn. Fún (1 + 1/n²)^n, 1/n ló kù, ó ń lọ bá 0, ìdáhùn sì jẹ́ 1. Fún (1 + 1/n)^(n²), n ló kù, kò sì lópin. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ní, 1^∞, ìwà wọn ló yàtọ̀. (0^0 àti ∞^0 náà ń gba ọ̀nà lọ́gù, mi ò ní dúró lórí wọn.) Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé f ń lọ bá 1 o; bó bá ń lọ bá 2, ọ̀nà yìí ò kàn án.

Ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tó máa ń da ọmọ láàmú: (cos x)^(1/x²), bí x ti ń lọ bá 0. ln y = ln(cos x) / x². Òkè àti ìsàlẹ̀ ń lọ bá 0, nítorí náà a lè lo òfin L'Hôpital: òkè á di −tan x, ìsàlẹ̀ á di 2x. Bí tan x / x ti ń lọ bá 1, −1/2 ló kù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kó pẹ́ńsù nílẹ̀, tí wọ́n á kọ −1/2 gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Nǹkan tó tóbi ju òdo lọ ni cos x níbí yìí, báwo ni agbára rẹ̀ ṣe máa wá kéré ju òdo? ln y lẹ rí yẹn, kì í ṣe y. Ẹ gbé e sórí e: e^(−1/2), ìyẹn 0.6065.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi x = 0.1, kí ẹ̀rọ ìṣirò yín wà ní rédíàn: cos 0.1 jẹ́ 0.995004, ẹ gbé e sí agbára 100, 0.6060 ni yóò jáde. Bó bá jẹ́ dígíríì lẹ fi ẹ̀rọ náà sí, 0.9998 lẹ máa rí, ẹ ó sì rò pé olùkọ́ yín ló jàre.

Kọ̀ǹpútà náà ń ṣe irú ẹ̀tàn yìí. Ọmọ àbúrò mi gbé tiẹ̀ wá bá mi, ó ní Python ti jẹ́rìí pé 1 ni:

```python
import math
print((1 + 1e-16)**1e16)   # 1.0
print((1 + 1e-15)**1e15)   # 3.035035206549262
print(math.exp(1e16 * math.log1p(1e-16)))  # 2.718281828459045
```

Mo ní kó ka ìlà `print` kejì, kó sọ fún mi bí iye tí kì í kọjá e ṣe di 3.035. Nǹkan bíi nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún péré ni ẹ̀rọ náà lè dì mú. Ní ìlà kìíní, díẹ̀ tó wà lórí 1 ti já bọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, 1 gan-an ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìlà kejì, ó fi èyí tó ju 1e-15 díẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀, agbára ńlá náà sì sọ àṣìṣe kékeré yẹn di gọ̀ǹgọ̀. Ní ìlà kẹta, díẹ̀ nìkan la fà lé `log1p` lọ́wọ́, a kò pò ó mọ́ 1 rárá, e sì jáde pérépéré.