Nígbà tí ìparí ìlà ewì kò bá ara mu tán

“Ẹ̀yin àgbà akéwì, mo ka ewì kan tí ọ̀rọ̀ ìparí ìlà rẹ̀ fẹ́ bá ara mu, àmọ́ tí kò mu tán. Ara mi ò balẹ̀. Ṣé akéwì ṣì í kọ ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀?”

Ẹ wo ìlà tó ṣáájú ibẹ̀ ná. Bí ráìmù ibẹ̀ bá pé, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ọdún tí ìyá mi kú ni ojú mi là sí i. Mo kọ èyí, mo sì kà á fún àwọn ẹbí:

Mo ti ọ̀nà jíjìn padà wá sílé,
N kò bá ìyá tí mo gbẹ́kẹ̀lé;
Ìkòkò rẹ̀ wà lórí ààrò,
Èmi nìkan jókòó, mò ń rò.

Ìlà méjì àkọ́kọ́ parí sí “lé”, ẹ pè é ní A A. Méjì tó kẹ́yìn parí sí “rò”, B B nìyẹn. Kọ́nsónáǹtì, fáwẹ̀lì àti ohùn, gbogbo rẹ̀ bá ara mu. Bí mo ṣe ń kà á, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ sí i. Ewì ọ̀fọ̀ ti di orin eré òṣùpá. Ó dùn mí gan-an.

Mo wá ba gbogbo ráìmù náà jẹ́: “sílé” pẹ̀lú “wọ ilẹ̀”, “ààrò” pẹ̀lú “àárọ̀”. Àbúrò mi ní ó jọ pé ọ̀rọ̀ wọ́n mi. Òótọ́ ló sọ. Etí tí kò tíì retí nǹkan kan kò lè mọ̀ pé nǹkan yẹ̀.

Wilfred Owen ni mo ti rí ọ̀nà àbáyọ, ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìbọn pa ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1918, ọ̀sẹ̀ kan géérégé kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dáwọ́ dúró. Nínú ewì rẹ̀ kan, ọmọ ogun kan pàdé ọ̀tá tí òun fúnra rẹ̀ ti pa ní ojú ogun, ní ọ̀run àpáàdì. Ìlà ewì náà ń lọ ní méjì-méjì, létòlétò. Kọ́nsónáǹtì ọ̀rọ̀ ìparí bá ara mu níwájú àti lẹ́yìn, fáwẹ̀lì àárín nìkan ló yí padà. Àwọn méjèèjì súnmọ́ra, síbẹ̀ wọn ò lè di ọ̀kan.

Mo dá ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ padà, mo yí ìkẹrin nìkan:

Ìkòkò rẹ̀ wà lórí ààrò,
Kò rí iná láti àárọ̀.

“Sílé” àti “gbẹ́kẹ̀lé” ti kọ́ etí ní ohun tó máa retí. “Rò” tún ṣèlérí. “Rọ̀” wá dé: kọ́nsónáǹtì kan náà, ohùn ìsàlẹ̀ kan náà, ẹnu nìkan ló là ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi tí ilé ti ṣófo gan-an ni ráìmù ti yẹ̀. Nígbà tí mo tún un kà, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ẹ má fi í ránṣẹ́ láìsí àmì o. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, “aaro” àti “aaro” ló hàn, ẹ̀gbọ́n mi sì bi mí pé kí ló dé tí mo fi ọ̀rọ̀ kan náà parí ìlà méjì.