Ẹyin Àtọ̀sí Ajá Kì í Léfòó Nínú Omi Iyọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ilé àyẹ̀wò kékeré kan ní Kubwa ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ wá láti Kúrà ní ìpínlẹ̀ Kánò, níbi tó ti máa ń wẹ̀ nínú omi tí wọ́n fi ń bomi rin oko. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi omi iyọ̀ yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, ẹyin aràn ìkọ́ nìkan ni mo rí. Ilé àyẹ̀wò mìíràn wá rí ẹyin ẹlẹ́gùn-ún nínú ìgbẹ́ kan náà. Ṣé iyọ̀ wa ni kò ki tó?

Ìdáhùn: Iyọ̀ yín ki tó, nítorí bí kò bá ki, ẹyin aràn ìkọ́ tí ẹ rí kò ní léfòó. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọkàn balẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìgò: iyọ̀ díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù níbẹ̀ tí kò yọ́ mọ́, mìlílítà 10 omi náà sì gbọ́dọ̀ wúwo tó gíráàmù 12. Ọ̀nà tí ẹ lò ni kò bá ẹyin tí ẹ ń wá mu. Ẹyin sisitosómà, kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá, kì í gòkè nínú omi iyọ̀. Ìsàlẹ̀ túùbù ló máa ń wà, nígbà tí ẹ̀yin ń wo ohun tó léfòó. Bí ọmọ bá ti ń wẹ̀ nínú irú omi tí ẹ sọ yẹn, tó sì ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ wá.

Ẹ mú ìgbẹ́ tó tó gíráàmù kan, ẹ pò ó mọ́ mìlílítà 7 fọ́málìn ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì sẹ́ ẹ gba inú asẹ́ tàbí aṣọ gọ́ọ̀sì sínú túùbù tó ní ìdérí. Ẹ da mìlílítà 3 éétà lé e, ẹ dé e, ẹ mì í kíkankíkan fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó rọra ṣí ìdérí náà kúrò lọ́kánkán ojú, nítorí afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ lè tú jáde lójijì. Éétà máa ń hó ní ìwọ̀n ooru 35, èyí tí yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù lè kọjá ní oṣù kẹta ní Àbújá, bẹ́ẹ̀ ni iná kì í sì í fi í ṣeré. Ẹtáìlì ásítéètì ni èmi máa ń yàn dípò rẹ̀. Lẹ́yìn tí sẹntirifúùjì bá ti yí i, ẹ ó rí ìpele mẹ́rin: éétà lókè, ìdọ̀tí àti ọ̀rá tó dì pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, fọ́málìn, àti gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tú ìdọ̀tí náà kúrò lára túùbù, ẹ da gbogbo ohun tó wà lókè nù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ sórí sílàìdì. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ tú u, yóò dí ẹnu ọ̀nà, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ yóò sì bá a dànù.

Lẹ́ńsì 10 ni kí ẹ fi wá a, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ti dín kù, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù máa ń pa ojú ẹyin tó mọ́ gaara rẹ́. Ẹyin aràn ìkọ́ kò ní àwọ̀, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, gígùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi máíkírónù 60 sí 75 lọ. Ti sisitosómà mansónì tó nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀, láti 114 dé 180. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ̀gún ńlá kan sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀gún ara igi òrombó. Àmọ́ bí ẹ̀gún náà bá kọjú sí ìsàlẹ̀ tàbí sókè, ẹyin náà yóò dà bí ẹyin lásán. Nígbà náà, ẹ fi orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan gíláàsì ìbòrí rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ó lè yí padà, kí ẹ tó pinnu. Bí ẹ̀gún bá wà ní ìdí ẹyin dípò ẹ̀gbẹ́, irú èyí tó ń mú ìtọ̀ pọ́n ni, ẹ béèrè fún ìtọ̀ ọmọ náà. Irun ara ewé máa ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní èèpo tó yí nǹkan kan ká.

Bí kò bá sí éétà tàbí sẹntirifúùjì, ẹ lè pò ìgbẹ́ mọ́ omi iyọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, gíráàmù 8.5 nínú lítà kan, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ jẹ́ kí ó silẹ̀ nínú ife tó ní ìdí ṣóńṣó, kí ẹ máa da òkè rẹ̀ nù, kí ẹ máa fi omi iyọ̀ náà kún un títí yóò fi mọ́. Ẹ má ṣe lo omi lásán, nítorí inú omi lásán ni ẹyin yìí ti máa ń pa, èèpo òfìfo ni ẹ ó sì bá.

Sílàìdì kan tí kò ní ẹyin kò tó láti sọ pé ọmọ kò ní in, nítorí ẹyin kì í jáde lójoojúmọ́ ní iye kan náà. Ìgbẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ béèrè. Kí ẹ sì tó da fọ́málìn sí i, ẹ fi díẹ̀ pamọ́ ní tútù, nítorí fọ́málìn ti pa ohun tó wà nínú ẹyin, bẹ́ẹ̀ ni dókítà lè béèrè lẹ́yìn ìtọ́jú bóyá ẹyin tó ṣì ń jáde wà láàyè tàbí ó ti kú.