"Ẹ" ni àbí "O": Ẹni tó Fi Ọdún Méjì Péré Jù Ọ́ Lọ

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Ọmọ Oǹdó ni mí, ẹni ọdún 27. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan n'Íbàdàn. Ọkùnrin tá a jọ ń lo tábìlì fi ọdún méjì péré jù mí lọ. Mo kí i pé "Káàárọ̀, báwo ni?", ó kàn mi orí, kò fọhùn. Ṣé kí n máa fi "ẹ" kí i ni, àbí ó máa dà bíi pé mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Ìdáhùn: "Ẹ" ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe tìtorí ọdún méjì yẹn nìkan. Ẹni tó ti "ẹ" bọ̀ sí "o" lẹ́yìn tí wọ́n gbà á láyè, kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti "o" padà sí "ẹ", wọ́n á ní ó ń bínú ni, tàbí pé ẹnìkan ti bá a wí.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ní apá Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, fífi ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ bu ọlá fún ẹnìkan ṣoṣo kò ta gbòǹgbò bíi ti Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Ohùn, ìṣesí àti orúkọ tí wọ́n fi ń pe èèyàn ló ń gbé ọ̀wọ̀ níbẹ̀. N'Íbàdàn, etí wọn wà lára "ẹ". Wò ó, kò sí "o" kankan nínú "Káàárọ̀" tó o sọ, àmọ́ "ẹ" tí kò sí níwájú rẹ̀ ni ọkùnrin yẹn gbọ́. "Báwo ni?" wá tún dá kún un, torí ẹgbẹ́ ẹni là ń sọ ọ́ sí.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà fún ìgbà tí ọkàn rẹ bá ń ṣe méjì: àwọn ìkíni tí kò láyè fún "ẹ" tàbí "o" rárá. "Ilé ńkọ́?" "Ṣé àlàáfíà ni?" "Iṣẹ́ ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó lè fi ìwọ̀nyí mú ọ. Tí òun àti ẹlòmíì bá sì jọ dúró, "Ẹ kú iṣẹ́" kárí àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ ni àbí iye wọn lo kà. Ṣùgbọ́n o ò lè fi èyí lo oṣù kan gbáko. Tábìlì kan náà lẹ jọ ń lò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já ni ẹ̀yìn ìkíni. Wọ́n á ní "Ẹ káàárọ̀", kò ní pẹ́ tí wọ́n á ní "O ṣé" tàbí "Gbé bíírò rẹ fún mi." Etí máa gbọ́ pé ẹnu lásán ni "ẹ" àkọ́kọ́. Tó o bá ti mú un, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: "Ẹ ṣé", "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú bíírò yín wá." Bí oníbàárà bá béèrè rẹ̀, "Wọ́n ti lọ jẹun" ni, kì í ṣe "Ó ti lọ jẹun". Dídọ̀bálẹ̀ kò sí níbẹ̀. Tẹ orí ba díẹ̀, ó tó.

Lẹ́yìn náà, fetí sí ohun tó máa fi dá ọ lóhùn. Bí òun náà bá ní "Ẹ káàárọ̀", ó ń fi ọ̀wọ̀ àjèjì wọ̀ ọ́ ni, ẹ jọ máa lò ó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá ní "Káàárọ̀" lásán, ó ti jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n, má yẹ̀ ẹ́ kúrò níbẹ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín pé, "Ẹ kẹ̀? Ṣé bàbá rẹ ni mí?", má gbà lẹ́ẹ̀kan. Rọra kọ̀, kí ó tún un sọ lọ́jọ́ mìíràn. Àgbà ló máa ń ṣílẹ̀kùn yẹn. Àbúrò kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Bó bá sì ti ṣí i, "ẹ" ṣì ni níwájú ọ̀gá àti oníbàárà.

(Àti pé kì í ṣe ọjọ́ ìbí nìkan la fi ń ka àgbà. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n Táyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn Táyé ni wọ́n bí i. Ìyàwó tuntun ń fi "ẹ" kí ọmọ tó bá nínú ilé ọkọ. Nítorí náà, bó o bá dé ọ́fíìsì tó o bá ẹni tó kéré sí ọ díẹ̀, àmọ́ tó ti wà níbẹ̀ ní ọdún márùn-ún, ronú kó o tó la ẹnu.)

Ní ti àárọ̀ tó ti lọ, má tọrọ àforíjì. Ìyẹn á sọ nǹkan kékeré di ńlá. Lọ́la, kó o tó jókòó, wí pé: "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ilé ńkọ́?" Kí o sì dúró kó dáhùn.