‘s’ inú ‘sú’ kò lè bá ‘í’ gbé

“Mo ń to ohùn ìkéde pọ̀ láti inú èyí tí a ti gbà sílẹ̀. Mo gé ‘s’ kúrò lára ‘sú’, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ‘í’ kí n lè rí ‘sí’. Ó ń dún bíi ‘ṣí’. Ojú ibi tí mo gé mọ́ dáadáa o. Kí ló ń ṣe é?”

Ètè ni. Ahọ́n àti èrìgì ló ń ṣiṣẹ́ ‘s’, ètè ò níṣẹ́ kankan níbẹ̀, ètè tí ò sì níṣẹ́ kì í dúró de fáwẹ̀lì. Nínú ‘sú’, ‘s’ ṣì ń dún lọ́wọ́ tí ètè ti kóra jọ de ‘ú’ tó ń bọ̀. Ìyẹn ni pé ‘ú’ ti wà nínú ‘s’ tí ẹ gé, bóyá láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pàápàá. Bó ti wù kí ẹ gé e tó, yóò bá a wá.

Ẹ dojú kọ dígí, ẹ múra bí ẹni fẹ́ sọ ‘sú’, kí ẹ dúró lórí ‘s’ láì jẹ́ kí ‘ú’ jáde. Ètè yín á ti yọ síwájú, á sì ṣù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ‘sí’: ètè á fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wàyí o, ẹ fa ‘s’ gígùn kan, ẹ má mi ahọ́n rárá, ẹ kàn máa mú ètè kúrò ní fífẹ̀ bọ́ sí ṣíṣù. Ẹ ó gbọ́ tí ariwo èémí yẹn ń wálẹ̀. Àlàfo kékeré kan ló wà láàrin ibi tí ahọ́n ti fún èémí mọ́ àti ẹnu ètè; bí ètè bá yọ síwájú, àlàfo náà gùn sí i, ihò rẹ̀ sì kéré sí i, dídún rẹ̀ á lọ sísàlẹ̀. Ní ti ‘ṣ’, ahọ́n ló fà sẹ́yìn tí àlàfo tirẹ̀ fi gùn. Ẹ rí i pé ọ̀nà méjèèjì já síbì kan náà.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ‘sú’ gan-an kò dún bíi ‘ṣú’? Etí mọ̀ pé ‘ú’ ló fa ètè, ó sì ń yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Àwọn olùwádìí méjì, Virginia Mann àti Bruno Repp, fi èyí hàn ní 1980 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì: ariwo kan náà tó wà lágbedeméjì ‘s’ àti ‘ṣ’, àwọn olùgbọ́ pè é ní ‘s’ níwájú ‘u’ ju níwájú ‘a’ lọ. Nígbà tí ẹ wá fi ‘í’ sẹ́yìn rẹ̀, etí ò rí ètè tó máa di ẹ̀bi rù, ó sì gbà pé ahọ́n ni.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú rí i, ẹ gba ‘sí’ àti ‘sú’ sílẹ̀ ní 44100 Hz, ẹ gé àárín ‘s’ kọ̀ọ̀kan jáde nínú Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yẹ ìró ọ̀rọ̀ wò, ẹ sọ wọ́n ní `si` àti `su`, kí ẹ wá lo èyí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:

```
selectObject: "Sound su"
Filter (pass Hann band): 1000, 10000, 100
To Spectrum: "yes"
cog = Get centre of gravity: 2
writeInfoLine: cog
```

Nọ́ńbà tó máa jáde ń sọ bí ariwo náà ṣe ga tó lápapọ̀; ti `su` ló yẹ kó kéré. Ẹnu ẹnì kan náà ni kẹ́ ẹ ti mú méjèèjì, torí nọ́ńbà yìí yàtọ̀ láti ẹnu dé ẹnu. Ìlà kejì ló ń mú ariwo jẹnẹrétọ̀ àti fáànù kúrò. Bí kò bá sí níbẹ̀, ariwo ìsàlẹ̀ yẹn lè fa nọ́ńbà méjèèjì wálẹ̀ débi tí ìyàtọ̀ ò fi ní hàn. Ẹ má sì lo ohùn tí ẹ gbà láti orí ìpè fóònù àtijọ́ tí kò kọjá 4000 Hz. Òkè ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ariwo ‘s’ wà.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Fún ‘sí’, ẹ mú ‘s’ láti iwájú fáwẹ̀lì pẹrẹsẹ: i, e, ẹ tàbí a. Fún ‘sú’, ẹ mú u láti iwájú fáwẹ̀lì roboto: u, o tàbí ọ, àmọ́ ti ‘u’ ló dára jù nítorí ètè kì í ṣù tó bẹ́ẹ̀ fún ‘ọ’. Èyí tó sàn ju ìyẹn lọ ni kí ẹ gba sílébù lódindi. Kọ́ńsónáǹtì 18 lọ́nà fáwẹ̀lì àìránmúpè 7 jẹ́ 126, ká tó ka ohùn àti àránmú mọ́ ọn. Tí iyẹn bá pọ̀ jù, ẹ máa gé láàrin fáwẹ̀lì, níbi tí ẹnu ti fìdí kalẹ̀, dípò ojú ààlà kọ́ńsónáǹtì.

Ẹ ṣọ́ra fún ‘k’ àti ‘g’ o, ìpín fáwẹ̀lì pẹrẹsẹ àti roboto yẹn ò tó wọn. Ètè nìkan kọ́ ló ń yí padà níbẹ̀: ahọ́n ń kan àjà ẹnu níwájú fún ‘kí’, lẹ́yìn fún ‘kú’. ‘k’ inú ‘ká’ ò lè ṣiṣẹ́ fún ‘kí’ bí ètè ò tilẹ̀ ṣù nínú ìkankan wọn, ẹ gba tirẹ̀ lọ́tọ̀.