Sákíìtì RC àti RL: τ àti àkókò ìgòkè

Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá tan 5 V lójijì sí rẹsísítọ̀ àti kàpásítọ̀ tó tò tẹ̀léra, báwo ni mo ṣe máa rí τ, ìyẹn iye àkókò tó ń sọ bí sákíìtì ṣe yára tó, àti àkókò ìgòkè? RL, tó ní kọ́ìlì dípò kàpásítọ̀, ńkọ́?

Àròpọ̀ fólítéèjì rẹsísítọ̀ àti v, fólítéèjì kàpásítọ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ V tí ẹ tàn sí i: RC·dv/dt + v = V. Bí kàpásítọ̀ bá ṣófo níbẹ̀rẹ̀, v = V(1 − e^(−t/RC)), nítorí náà τ = RC. Láti ìdá 10 dé 90 nínú ọgọ́rùn-ún V la ti ń ka ìgòkè. Ó ń kan 10 ní 0.105τ, ó ń kan 90 ní 2.303τ, ìyàtọ̀ wọn ni τ·ln 9, ìyẹn 2.2τ. Fún 10 kΩ àti 10 µF, τ jẹ́ 0.1 s, ìgòkè 0.22 s.

Nínú RL, i, iná tó ń ṣàn, ló ń gòkè díẹ̀díẹ̀, L sì ni ìdọ́tánsì kọ́ìlì: L·di/dt + Ri = V, τ = L/R. Ẹ kíyè sí i pé R ńlá ń mú RL yára, ó sì ń fa RC sẹ́yìn. Ẹ ka R inú kọ́ìlì mọ́ ọn.