Ẹ̀yìn páànẹ́lì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó ra kọntirólà

"Ẹ̀yin àgbà, páànẹ́lì 300 wátì kan ni mo ní ní Ṣómólú, pẹ̀lú bátìrì 12 fólítì kan. Kọntirólà PWM ni wọ́n so sáàárín wọn fún mi láti máa darí iná, àmọ́ bátìrì kì í kún. Ṣé kí n ra MPPT tó wọ́n yẹn ni?"

Ẹ yí páànẹ́lì yẹn wò lẹ́yìn. Ẹ ó rí ìwé pélébé tí wọ́n kọ Vmp àti Imp sí, ìyẹn fólítì àti áḿpù tí páànẹ́lì fi ń mú agbára tó pọ̀ jù lọ jáde. Páànẹ́lì 300 wátì tó ní ojú 60 sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 32 fólítì àti 9.3 áḿpù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀.

PWM kò ju ṣúìṣì tó ń tan, tó ń kú wéréwéré lọ. Tó bá ti tan, ṣe ló so páànẹ́lì mọ́ bátìrì tààrà, fólítì páànẹ́lì á sì já wálẹ̀ wá bá ti bátìrì. Tí bátìrì bá wà ní 13 fólítì, 13 lọ́nà 9.3 kò ju 121 wátì lọ. Nínú 300 tẹ́ ẹ san owó rẹ̀ o! MPPT ní tiẹ̀ ní kóìlì nínú, ó ń sọ fólítì tó ṣẹ́ kù di áḿpù. Ó jẹ́ kí páànẹ́lì dúró sí 32 rẹ̀. Ká ní wátì 15 ṣòfò nínú rẹ̀, 285 tó kù, tẹ́ ẹ bá fi 13 pín in, ó tó áḿpù 22. Orí ìwé nìyẹn ṣá. Lórí páànù gbígbóná l'Ékòó, agbára páànẹ́lì máa ń dín kù, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí áḿpù 17 tàbí 18 lọ́sàn-án, kò sóhun tó bàjẹ́.

Ká ní páànẹ́lì kékeré olójú 36 lẹ ní ni, tí Vmp rẹ̀ jẹ́ 18, mi ò ní ní kẹ́ ẹ náwó. Oòrùn á ti fà á wálẹ̀ sí bíi 15 àtààbọ̀, bátìrì tó ń gba iná náà ti wà ní 14. Kí ni MPPT fẹ́ rí jẹ níbẹ̀?

Ẹ ṣọ́ra lọ́jà, torí àwọn kan ń kọ MPPT sára PWM. Èyí tí wọ́n pè ní 30 áḿpù tó wá fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì, kò lè ní kóìlì gidi nínú. Ẹ fi mítà dán an wò lọ́sàn-án gangan, nígbà tí bátìrì kò tíì kún, torí tó bá ti kún, PWM náà á jẹ́ kí fólítì páànẹ́lì gòkè, á sì tàn yín jẹ. Ẹ fi ọwọ́ mítà méjèèjì kan ibi tí wáyà páànẹ́lì ti wọ kọntirólà. Tẹ́ ẹ bá rí 13 àti díẹ̀ bíi ti bátìrì, PWM ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i. MPPT á fi 26 sí 30 hàn yín.

Tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, wáyà páànẹ́lì lẹ máa kọ́kọ́ tú, kẹ́ ẹ tó tú ti bátìrì. Lára tuntun, bátìrì ló ń ṣáájú, torí òun ni kọntirólà fi ń mọ̀ bóyá 12 ni àbí 24. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi páànẹ́lì kún un lẹ́yìnwá ọ̀la, Voc ni kẹ́ ẹ ṣírò, ìyẹn fólítì páànẹ́lì nígbà tí wọn kò so nǹkan kan mọ́ ọn, kì í ṣe Vmp: ti irú páànẹ́lì yín máa ń tó 39. Méjì tí wọ́n so tẹ̀ léra jẹ́ 78, kọntirólà 100 fólítì á gbé e. Ẹ̀kẹta á sun ún.